Ráútà Méjì Nínú Ọgbà Kan: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Ilé Iwájú Ṣe Lè Dé Ilé Ẹ̀yìn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù lẹ́nu iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Kí àlàyé má bàa máa fò lókè, ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní Mókọ́là ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé méjì ló wà nínú ọgbà wọn. Ilé iwájú jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ ni akọ̀wé, akáǹtì àti ọ̀gá wà. Ilé ẹ̀yìn ni sítọ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí ráútà iwájú, tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.1.1, gbogbo kọ̀ǹpútà iwájú sì wà lórí 192.168.1.0/24. Wáyà kan tó gùn tó 60 mítà ti ibẹ̀ lọ sí ráútà ẹ̀yìn. Ojú tí ráútà ẹ̀yìn fi ń wo iwájú ń jẹ́ 192.168.1.2, ojú tó fi ń wo sítọ̀ ń jẹ́ 192.168.88.1. Nínú sítọ̀, kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sí. 192.168.88.10 ni tirẹ̀. MikroTik ni ráútà méjèèjì. Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ kò ju pé kí akáǹtì jókòó sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó ṣí fódà ọjà yẹn, kí wọ́n yé fi fláàṣì sáré gba inú òjò.

Kí ló dé tí sítọ̀ ń rí wa, tí àwa ò rí sítọ̀?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀gá fi pàdé mi lẹ́nu géètì. Ọmọ sítọ̀ ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé iwájú tẹ̀wé láìsí wàhálà, ó tún ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí akáǹtì bá tẹ `\\192.168.88.10`, kọ̀ǹpútà á kàn máa yí ni. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé. Wáyà ò ṣẹ̀ wọ́n rárá.

Ohun tó fà á ni NAT tó wà lórí ráútà ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tó bá ti sítọ̀ jáde, ráútà yẹn á bọ́ orúkọ ara rẹ̀ fún un kó tó jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé iwájú ò gbọ́ 192.168.88.10 rí, 192.168.1.2 ló rí, ará ilé rẹ̀ sì nìyẹn, ó mọ ibi tó máa dá èsì sí. Ráútà ẹ̀yìn á gba èsì náà, á rántí ẹni tó béèrè, á sì gbé e fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń dé iwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun sí ibìkan.

Tí ìpè bá wá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ńkọ́? Kò sí ẹni tó bọ́ orúkọ fún ẹnikẹ́ni. 192.168.88.10 gan-an ni akáǹtì ń pè, kò sì sí ẹnì kan ní iwájú tó mọ ibi tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀.

Kí wá ni ọ̀nà tí a máa kọ yìí?

Ẹ rántí àdírẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n kọ sára ilé ní Ìbàdàn, irú SW tí ẹ máa ń rí ní Òkè-Àdó. Apá àkọ́kọ́ ń sọ àdúgbò, nọ́ḿbà tó tẹ̀lé e ń sọ ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ ṣe rí. /24 tó wà lẹ́yìn 192.168.88.0 ń sọ pé nọ́ḿbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ agboolé, nọ́ḿbà tó kẹ́yìn ni ojúlé. Máàsìkì 255.255.255.0 ń sọ ohun kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ ló yàtọ̀.

Nígbà tí akáǹtì pe 192.168.88.10, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bi ara rẹ̀ pé: ṣé ará agboolé mi nìyí? Rárá. Ó gbé pákẹ́ẹ̀tì náà fún ráútà iwájú. Ráútà wo ìwé ọ̀nà tó ní lọ́wọ́. Ó mọ 192.168.1.0/24, nítorí pé ojú ara rẹ̀ ló wà. Ohun kejì tó mọ̀ ni 0.0.0.0/0, ìyẹn "ohunkóhun tí mi ò bá mọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ni." Ló bá gbé ohun tó ń lọ sí sítọ̀, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú kan lọ, jáde lọ bá ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ló kú sí, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ya àwọn nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Kò sẹ́ni tó ń gbé wọn káàkiri ní gbangba.

Ọ̀nà tí a fẹ́ fọwọ́ kọ, tí àwọn onínẹ́tíwọ̀kì ń pè ní sítátíìkì ráùtì, jẹ́ ìlà kan péré tí a fi kún ìwé ọ̀nà yẹn: "ohunkóhun tó bá ń lọ sí agboolé 88, ẹ gbé e fún 192.168.1.2." Ẹ má bẹ̀rù pé ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì á gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ráútà kì í wo èyí tó ṣáájú tàbí èyí tó kẹ́yìn, ìlà tó bá sojú abẹ níkòó jù ló ń tẹ̀ lé, /24 sì ṣe pàtó ju /0 lọ.

Kí ni mo máa kọ gan-an, ibo ni mo sì máa kọ ọ́ sí?

Ráútà iwájú ni, nítorí òun ló ṣìnà. Lórí MikroTik:

```
/ip route add dst-address=192.168.88.0/24 gateway=192.168.1.2
```

Tó bá jẹ́ Cisco:

```
ip route 192.168.88.0 255.255.255.0 192.168.1.2
```

Lórí àwọn ráútà kéékèèké, ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ `Static Routing` sí. Àpótí mẹ́ta ló ṣe kókó níbẹ̀: agboolé tí ẹ ń lọ, máàsìkì rẹ̀, àti ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn máa ń kọ 192.168.88.10 sí àpótí agboolé, kí wọ́n tún fi 255.255.255.0 sí máàsìkì. Ojúlé nìyẹn, kì í ṣe agboolé, òmíràn nínú àwọn ráútà kò sì ní gbà á. Odo ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn rẹ̀. Èkejì burú jù, torí ráútà lè gbà á láìsọ̀rọ̀: wọ́n á kọ 192.168.88.1 sí ibi ẹni tó máa gbà á. Ráútà ẹ̀yìn náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún nìyẹn. Kò bójú mu kẹ́ ẹ sọ fún àlejò pé kó gba inú yàrá wọlé nígbà tí kò tíì rí ẹnu ọ̀nà. Ojú tí ẹ lè fọwọ́ kàn láti ìhà tiyín, 192.168.1.2, ni kí ẹ kọ.

Ṣé mi ò ní kọ ọ̀nà àbọ̀ sórí ráútà ẹ̀yìn?

Kò pọn dandan níbí. Ẹsẹ̀ ráútà ẹ̀yìn kan wà nínú 192.168.1.0/24 tẹ́lẹ̀, ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé agboolé kẹta wà lẹ́yìn ráútà iwájú, ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní náà ló máa gbé e padà sí iwájú.

Mo ti kọ ọ́, síbẹ̀ kò lọ. Ibo ni kí n wò?

Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ń dé. Láti kọ̀ǹpútà akáǹtì, ẹ ṣí `cmd`, kí ẹ sì tẹ:

```
tracert -d 192.168.88.10
```

Tí ìlà kìíní bá jẹ́ 192.168.1.1, tí ìlà kejì wá jẹ́ nọ́ḿbà kan tí ẹ ò mọ̀ rí, tí ìràwọ̀ sì tẹ̀lé e, pákẹ́ẹ̀tì yín ti jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ráútà iwájú kò tẹ̀ lé ọ̀nà yín nìyẹn, ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ kọ. Tí ìlà kejì bá jẹ́ 192.168.1.2, ọ̀nà dára, ọ̀dọ̀ ráútà ẹ̀yìn tàbí inú sítọ̀ ni ìṣòro wà. Tó bá sì jẹ́ ìràwọ̀ ni ìlà kejì, ẹ fi píǹgì, ìyẹn àṣẹ `ping` tó ń bi ẹ̀rọ bóyá ó ń gbọ́, gun un bí ẹní ń gun àkàbà: 192.168.1.2 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 192.168.88.1, lẹ́yìn náà 192.168.88.10.

Ní Mókọ́là, méjì àkọ́kọ́ dáhùn, ẹ̀kẹta dákẹ́. Ibí ni mo ti rí i tí àwọn tó mọṣẹ́ gan-an fi ọ̀sán méjì ṣòfò, torí wọ́n gbà pé bí 192.168.88.1 bá ti dáhùn, ráútà ẹ̀yìn ti là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Píǹgì sí 192.168.88.1, ráútà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Píǹgì sí 192.168.88.10, ẹ ń ní kó jẹ́ kí ẹ gba inú rẹ̀ kọjá. Fáyàwọ́ọ̀lù máa ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. MikroTik tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí ń gba píǹgì sí ara rẹ̀ láti ibikíbi, àmọ́ ó ní òfin kan tó ń jẹ́ `drop all from WAN not DSTNATed`, tó ń lé gbogbo àlejò tó bá fẹ́ gba ojú íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ inú ilé. Lójú ráútà ẹ̀yìn, ọ́fíìsì iwájú ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni yín.

Ẹ lọ sórí ráútà ẹ̀yìn, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún agboolé iwájú nìkan:

```
/ip firewall filter add chain=forward action=accept src-address=192.168.1.0/24 dst-address=192.168.88.0/24
```

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni òfin yìí máa bọ́ sí, lẹ́yìn èyí tó ń léni, kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí láti òkè ni ráútà ti ń kà wá sílẹ̀. Ẹ fi Winbox wọ́ ọ gòkè kọjá òfin tó ń lé àlejò. Ẹ ò ní láti fọwọ́ kan NAT ní tiyín. Èsì ìpè tó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Píǹgì ń lọ wàyí, ṣùgbọ́n fódà kò ṣí. Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́?

Ìyẹn gan-an ló kan ní Mókọ́là, òun sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó ń da èèyàn lójú rú. Píǹgì ń dáhùn ní 1 ms, láìjábọ́ ẹyọ kan. Fódà ń yí, ó ń yí, ó ní òun ò rí i. Ojú ewé kámẹ́rà sítọ̀ náà kò ṣí. Akáǹtì wò mí bí ẹni tí wọ́n ta ọjà bàjẹ́ fún.

Ẹ tẹ̀lé pákẹ́ẹ̀tì náà lọ kí ẹ tún tẹ̀lé e bọ̀. Ní àlọ, ó ti kọ̀ǹpútà akáǹtì, 192.168.1.23, lọ sí ráútà iwájú, ráútà iwájú gbé e fún ráútà ẹ̀yìn, ráútà ẹ̀yìn gbé e fún kọ̀ǹpútà ọjà. Ní àbọ̀, kọ̀ǹpútà ọjà dá èsì fún ráútà ẹ̀yìn. Ráútà ẹ̀yìn wo orúkọ tó wà lára rẹ̀: 192.168.1.23. Ará agboolé tí ẹsẹ̀ mi wà nínú rẹ̀ nìyí, kí ni mo tún ń gba ọ̀dọ̀ ráútà iwájú lọ ṣe? Ó gbé èsì náà fún akáǹtì lọ́wọ́ tààrà. Ráútà iwájú rí àlọ, kò rí àbọ̀.

Píǹgì ò bìkítà fún ìyẹn. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, kálukú sì dá dúró. Ṣùgbọ́n fódà àti ojú ewé ń lo TCP, TCP sì máa ń kí ara wọn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Akáǹtì á ní "ẹ ń lẹ́ o" (SYN), sítọ̀ á ní "a dúpẹ́, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" (SYN-ACK), akáǹtì á ní "mò ń gbọ́" (ACK). Fáyàwọ́ọ̀lù ráútà iwájú gbọ́ ìkíni àkọ́kọ́. Kò gbọ́ ìkejì, torí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ló bá gbọ́ ẹ̀kẹta: ẹnì kan ń dáhùn ohun tí òun ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Kò yé e. Ó sàmì sí i pé `invalid`, ó sì sọ ọ́ nù. Lójú akáǹtì, wọ́n ti jọ kíra tán, ó ń sọ̀rọ̀, sítọ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé òun ni: ẹ wo òfin `drop invalid` lórí ráútà iwájú, èyí tó wà lábẹ́ `forward`. Iye pákẹ́ẹ̀tì tó ti sọ nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí akáǹtì tẹ fódà náà. Tí nọ́ḿbà yẹn bá ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti mú olè. Mo ní kí akáǹtì máa tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀gá máa wo nọ́ḿbà. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ kígbe.

Nígbà míì ẹ lè rí i pé ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan, kò ṣiṣẹ́ lórí èkejì nínú yàrá kan náà. Ráútà lè fi ọgbọ́n sọ fún kọ̀ǹpútà pé "ó yá, máa gba ọ̀dọ̀ 192.168.1.2 lọ tààrà," àwọn kan á gbọ́, àwọn kan á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ má fi ìyẹn ṣe àtúnṣe, torí kò ṣeé gbára lé.

Báwo la ṣe máa tún ti àlọ àti àbọ̀ ṣe?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó yá jù ni kí ẹ kọ ọ̀nà náà sórí kọ̀ǹpútà akáǹtì fúnra rẹ̀, kó má gba ọ̀dọ̀ ráútà iwájú rárá. Ẹ ṣí `cmd` gẹ́gẹ́ bí alábòójútó:

```
route -p add 192.168.88.0 mask 255.255.255.0 192.168.1.2
```

Kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, èyí tó. Ogún kọ̀ǹpútà, ẹ máa jìyà, torí kọ̀ǹpútà tuntun tó bá dé lọ́jọ́ kejì ò ní mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì ni láti fi òfin kan sókè `drop invalid` lórí ráútà iwájú, tó máa jẹ́ kí ohun tó bá ti iwájú ń lọ sí 88 kọjá láìbéèrè. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ńṣe lẹ ní kí ẹ̀ṣọ́ di ojú.

Ọ̀nà kẹta ni mo yàn, òun náà ni mo máa ń yàn níbikíbi tí ráútà bá lè ṣe é: ẹ yọ ráútà ẹ̀yìn kúrò nínú agboolé iwájú, kí ẹ fún wáyà tó wà láàárín ráútà méjèèjì ní agboolé tirẹ̀, tí kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. /30 tó fún un. Àdírẹ́sì mẹ́rin ló wà nínú /30, méjì péré ló ṣeé lò, ẹni méjì péré náà ló sì wà lórí wáyà yẹn. Lórí ráútà iwájú, ihò `ether5` ni wáyà sítọ̀ wọ̀:

```
/interface bridge port remove [find interface=ether5]
/ip address add address=10.10.10.1/30 interface=ether5
/interface list member add list=LAN interface=ether5
/ip route add dst-address=192.168.88.0/24 gateway=10.10.10.2
```

Ìlà kẹta ni wọ́n máa ń gbàgbé. Láìsí i, ráútà iwájú ò ní ka `ether5` mọ́ ará ilé, kò sì ní dá sítọ̀ lóhùn tó bá ń béèrè orúkọ wẹ́ẹ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á wá pè yín pé íńtánẹ́ẹ̀tì sítọ̀ ti lọ. Ẹ pa ọ̀nà àtijọ́ tó ń tọ́ka sí 192.168.1.2 rẹ́. Ní ẹ̀yìn, ẹ pa `DHCP Client` tó ń gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ráútà iwájú lórí `ether1` àti àdírẹ́sì àtijọ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ:

```
/ip address add address=10.10.10.2/30 interface=ether1
/ip route add gateway=10.10.10.1
/ip dns set servers=10.10.10.1
```

Inú sítọ̀ ni kí ẹ jókòó sí ṣe ti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ṣe é láti iwájú, ẹ máa gé ẹ̀ka tí ẹ jókòó lé.

Ráútà ẹ̀yìn ò ní ẹsẹ̀ nínú 192.168.1.0/24 mọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ akáǹtì, àfi kó gba ọ̀dọ̀ ráútà iwájú kọjá. Àlọ àti àbọ̀ di ọ̀nà kan náà, ìkíni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, `drop invalid` sì jókòó jẹ́ẹ́.

Gbogbo ẹ̀ ti pé, tí ráútà ò lé ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ọjà ò dáhùn.

Ó kù síbì kan. Fáyàwọ́ọ̀lù Windows lórí kọ̀ǹpútà ọjà fúnra rẹ̀ máa ń ṣí fódà fún ará agboolé rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí píǹgì. Akáǹtì ò sí nínú agboolé yẹn. Ẹ tẹ `wf.msc`, ẹ lọ sí `Inbound Rules`, kí ẹ ṣí `File and Printer Sharing (SMB-In)`. Lábẹ́ `Scope`, níbi `Remote IP address`, ẹ fi 192.168.1.0/24 kún `Local subnet` tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún `Echo Request - ICMPv4-In`. Tí òfin náà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ mú èyí tí `Profile` rẹ̀ bá ti nẹ́tíwọ̀kì tí kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀ mu. Àwọn kan á kàn pa fáyàwọ́ọ̀lù náà pátápátá. Kọ̀ǹpútà tí ìwé ọjà gbogbo ilé wà nínú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ tún wò ó bóyá ó ní `Default Gateway`. Mo ti bá kámẹ́rà pàdé tí wọ́n fún ní àdírẹ́sì, tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó ń gbọ́ ìpè láti agboolé míì, kò kàn mọ ẹni tó máa gbé èsì fún ni.

Ó ṣiṣẹ́ lánàá. Iná lọ, iná dé, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì ojú iwájú ráútà ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé DHCP ló ń gbà, nígbà tí iná dé, ó lè ti gba 192.168.1.105 dípò 192.168.1.2. Ọ̀nà yín ṣì ń tọ́ka sí ilé tí onílé ti kó kúrò. Ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́sì náà fún un, kí ẹ sì rí i pé nọ́ḿbà yẹn kò sí lára èyí tí DHCP iwájú ń pín. /30 tí mo sọ lókè ti bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Tí àdírẹ́sì ò bá yí, ọ̀nà náà lè má ti wọ inú ẹ̀rọ ni. MikroTik ń tọ́jú ohun tí ẹ bá kọ lójú ẹsẹ̀. Cisco kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ tẹ `write memory`. Lórí Línọ́ọ̀sì, ohun tí ẹ bá fi `ip route add` kọ á pòórá tí ẹ̀rọ bá kú. Lórí Windows, `-p` ló ń mú kó dúró. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kankan, mo máa ń yọ páwà ráútà méjèèjì fúnra mi, mo máa ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n tó ní kí akáǹtì tún ṣí fódà. Níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ó sàn kí ó bàjẹ́ lójú mi.

Nọ́ḿbà kan náà ni iwájú àti ẹ̀yìn ń lò. Ṣé mo lè kọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Rárá. Bí méjèèjì bá jẹ́ 192.168.1.0/24, kọ̀ǹpútà akáǹtì ò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ráútà láéláé, nínú yàrá tirẹ̀ ni á ti máa wá ẹni náà. Ẹ yí nọ́ḿbà ẹ̀yìn padà.

Ráútà tí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa kò ní ojú ewé ọ̀nà.

Púpọ̀ nínú àwọn ráútà onísíìmù kò ní in. Ẹ lè fi `route -p` sórí kọ̀ǹpútà tó nílò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ráútà tó ṣeé kọ ọ̀nà sí sáàárín ti ilé iṣẹ́ yẹn àti ọ́fíìsì. Tó bá jẹ́ ráútà ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí ẹ ṣí fáyàwọ́ọ̀lù rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ kọ sí iwájú ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé kò ní dára kí n pa NAT ẹ̀yìn?

Ó dára tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Níwọ̀n ìgbà tí NAT bá ṣì wà, ẹnikẹ́ni tó bá ti sítọ̀ wá sí iwájú ń jẹ́ 10.10.10.2. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa á, ọ̀nà àfọwọ́kọ ti iwájú gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀, torí láìsí i, èsì láti íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní mọ ọ̀nà padà sí 88. Ẹ sì wo NAT iwájú bóyá gbogbo ohun tó ń jáde ló ń bọ́ orúkọ fún, tàbí 192.168.1.0/24 nìkan. Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, íńtánẹ́ẹ̀tì sítọ̀ máa kú.

Kọ̀ǹpútà ọjà kì í hàn lábẹ́ `Network`.

Kò ní hàn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ kì í kọjá ráútà. Ẹ tẹ `\\192.168.88.10` fúnra yín, kí ẹ sì gbé àwòrán rẹ̀ sójú tábìlì kọ̀ǹpútà.

Ṣé dandan ni kí a ní agboolé méjì?

Kì í ṣe dandan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ra ráútà kejì kí Wáì-fáì lè dé sítọ̀ ni, ẹ pa DHCP rẹ̀, ẹ fún un ní àdírẹ́sì iwájú tí ẹnikẹ́ni ò lò, kí ẹ fi wáyà sí ihò `LAN` rẹ̀ dípò `WAN`. Gbogbo ilé á di ọ̀kan, ẹ ò sì ní nílò ohun tí mo ti ń sọ láti òkè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá Mókọ́là. Ó ní rárá, àwọn onímọ́tò tó ń kó ọjà wá ń lo Wáì-fáì sítọ̀, òun ò fẹ́ kí fóònù wọn dé ọ̀dọ̀ akáǹtì. Mo rán an létí pé ẹ̀yìn ti ń wọ iwájú láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ọmọ sítọ̀ ń lò ni ẹ̀rí. A wá fi òfin kan sí ìdí `forward` ti ráútà iwájú, tó ń lé ohunkóhun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti `ether5` lọ sí 192.168.1.0/24, a sì fi èyí tó gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan láàyè sókè rẹ̀. Èsì tó ń padà sọ́dọ̀ akáǹtì ò fara gbá a, torí ráútà ti ń rí àlọ àti àbọ̀.